Kí La Pinnu, Ta Ni Yóò Ṣe É, Ọjọ́ Wo?

Ìwé kan wà nínú àpótí mi tí n kò lè jù nù. Mínìtì ìgbìmọ̀ tó bójú tó kànga ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tí àdúgbò wa gbẹ́ ló wà nínú rẹ̀, èmi sì ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ náà. Lọ́jọ́ kan, kọngílá mú ìwé owó wá pé òun ti fi mítà 22 kún jíjìn kànga, àti pé àwa la ní kí òun máa gbẹ́ ẹ lọ. Alága ní rárá, a kò sọ ju mítà 10 lọ. Akápò ní a kò tilẹ̀ fẹnu kò sí ibì kankan. Ni gbogbo wọn bá kọjú sí mi pé kí n ka mínìtì.

Mo ṣí i, mo kà á sókè: “Ọ̀rọ̀ jíjìn kànga gba àkókò púpọ̀. Bàbá kan sọ pé omi kì í jìnnà ní àdúgbò yìí láyé ijọ́un. Alága dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ilé. A gbà pé kí wọ́n ṣe ohun tó bá yẹ.” Ojúewé mẹ́fà ni mo kọ lọ́jọ́ ìpàdé yẹn, tí ìka ọwọ́ ń ro mí, ṣùgbọ́n kò sí gbólóhùn kan ṣoṣo nínú rẹ̀ tó lè parí ìjà. Nígbà tó yá, a pín owó náà sí méjì, a san ìdajì. Kọngílá bínú lọ, àwa náà sì bínú sẹ́yìn.

Ó pẹ́ kí n tó mọ ibi tí mo ti ṣìnà. Mo kọ́kọ́ rò pé n kò kọ̀wé tó ni. Àṣé mo kọ̀wé jù, mo sì kọ èyí tí kò pọn dandan. Àti pé àṣìṣe náà ti bẹ̀rẹ̀ kí n tó mú bírò rárá, láti orí àjẹ́ńdà tí mo fi pe ìpàdé. Nígbà tí àdúgbò tún fẹ́ gbẹ́ kànga kejì, a yí ọ̀nà tí à ń gbà kọ méjèèjì padà. Ohun tí a ṣe nígbà náà ni mo fẹ́ tẹ́ síwájú yín, nítorí ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ ló ń ṣe bí a ti ṣe nígbà àkọ́kọ́.

Atọ́kùn kì í gbé agọ̀

Ìgbìmọ̀ tí mò ń sọ yìí kì í ṣe àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀. Ẹ wo atọ́kùn eégún. Kò gbé agọ̀ sórí, òun kọ́ ló ń jó, ṣùgbọ́n òun ló mọ ilé tó yẹ kí eégún yà àti ìgbà tó yẹ kí wọ́n yí padà sílé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìgbìmọ̀ atọ́kùn iṣẹ́. Ẹnjiníà tó ń dúró ti iṣẹ́ lójoojúmọ́ lè fúnra rẹ̀ yan irú páìpù tí wọ́n máa lò. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bá fẹ́ ná ju owó tí a ti fọwọ́ sí lọ, bí ó bá fẹ́ pẹ́ ju ọjọ́ tí a dá lọ, tàbí bí ohun tí a fẹ́ ṣe bá fẹ́ yí padà, kò lágbára láti dá a ṣe. Ó gbọ́dọ̀ mú un wá síwájú ìgbìmọ̀.

Ní tiwa, a fi owó pààlà sí i: ohun tí kò bá ju 50,000 náírà lọ, kí ẹnjiníà ṣe é kó sì jábọ̀, ohun tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ti ìgbìmọ̀ ni. Ènìyàn méje ló wà nínú ìgbìmọ̀, a sì fi í sílẹ̀ pé bí márùn-ún kò bá pé, a kò ní ṣe ìpinnu kankan. Nǹkan méjì yìí la kọ sí ojúewé àkọ́kọ́ ìwé mínìtì, kí ẹnikẹ́ni má baà jiyàn lé e lórí lọ́jọ́ iwájú.

Tí ìpinnu bá jẹ́ iṣẹ́ ìgbìmọ̀, a jẹ́ pé ìpinnu náà ni àjẹ́ńdà gbọ́dọ̀ pè wá sí, òun náà sì ni mínìtì gbọ́dọ̀ gbà sílẹ̀.

Àjẹ́ńdà tó ń béèrè ìbéèrè

Àjẹ́ńdà tí mo kọ nígbà kànga àkọ́kọ́ dà bí èyí tí gbogbo wa mọ̀: àdúrà ìbẹ̀rẹ̀, kíka mínìtì, ọ̀rọ̀ tó jẹyọ láti inú mínìtì, ọ̀rọ̀ kànga, ọ̀rọ̀ owó, ohun mìíràn, àdúrà ìparí. Ẹ wo “ọ̀rọ̀ kànga” yẹn dáadáa. Kí ni wọ́n fẹ́ kí a sọ nípa kànga? Ẹni tó gba ìwé náà kò mọ ohun tó yẹ kó rò kó tó kúrò nílé. Nítorí náà, kálukú gbé ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ wá: ọ̀kan sọ ìtàn omi láyé ijọ́un, òmíràn sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí yóò máa ṣí géètì. Nígbà tí ọ̀rọ̀ fi máa kan jíjìn kànga, ilẹ̀ ti ṣú, àwọn kan ti lọ.

Nígbà kànga kejì, a gbé e kalẹ̀ pé ohunkóhun tó bá fẹ́ wọ àjẹ́ńdà gbọ́dọ̀ wá gẹ́gẹ́ bí ìbéèrè tí a lè dáhùn kí ìpàdé tó parí. Bí àpẹẹrẹ, èyí ni àjẹ́ńdà ìpàdé tó le jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà, èyí tí mo fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ 3 oṣù Kejì, ọjọ́ márùn-ún gbáko ṣáájú ìpàdé:

Ìpàdé ìgbìmọ̀ kànga kejì, Sátidé, ọjọ́ 8 oṣù Kejì, agogo 4 ìrọ̀lẹ́ sí agogo 5:15.

1. Àdúrà, àwọn tó wá, àwọn tó tọrọ àyè (ìṣẹ́jú 5).
2. Ṣé mínìtì ìpàdé tó kọjá tọ̀nà? Ṣé a gbà á wọlé? (ìṣẹ́jú 5).
3. Iṣẹ́ tí a yàn ní ìpàdé tó kọjá: èwo ló parí, èwo ni kò tíì parí? (ìṣẹ́jú 10).
4. Omi kò tó ní mítà 60. Ṣé kí a gbẹ́ ẹ jìn sí i, ṣé kí a lọ sí ojú ibòmíràn, àbí kí a fi bẹ́ẹ̀ sílẹ̀? Ẹnjiníà yóò ṣàlàyé. A gbọ́dọ̀ pinnu lónìí (ìṣẹ́jú 35).
5. Ìròyìn owó láti ọ̀dọ̀ akápò. Fún ìsọfúnni nìkan (ìṣẹ́jú 10).
6. Ohun mìíràn, ọjọ́ ìpàdé tó ń bọ̀, àdúrà (ìṣẹ́jú 10).

Ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ kẹrin fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìdajì àkókò. Òun nìkan ni ọ̀rọ̀ tí a tìtorí rẹ̀ kúrò nílé. Ẹ ó tún rí i pé mo kọ “a gbọ́dọ̀ pinnu” sí ọ̀kan, mo kọ “fún ìsọfúnni nìkan” sí òmíràn. Bí ènìyàn kò bá ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀, ìròyìn owó tí kò nílò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ yóò di àríyànjiyàn wákàtí kan.

Ìwé ojú kan ni ẹnjiníà fi ti àjẹ́ńdà náà, kí a lè kà á kí a tó dé. Ó ṣàlàyé pé kànga náà ti dé mítà 60 tí a bá kọngílá dúnàá dúrà lé lórí, ṣùgbọ́n lítà 1,100 péré ló ń mú wá ní wákàtí kan. Táńkì wa yóò gba lítà 10,000. Sólà ni yóò máa fa omi, oòrùn tó sì lágbára tó láti fà á dáadáa kì í ju nǹkan bíi wákàtí márùn-ún lọ lójúmọ́. Tí táńkì yóò bá kún, kànga gbọ́dọ̀ máa mú lítà 2,000 wá ní wákàtí kan. Èyí tó ń mú wá fi díẹ̀ ju ìdajì lọ.

Ó wá to ọ̀nà mẹ́ta sílẹ̀. Àkọ́kọ́, kí a gbẹ́ ẹ jìn sí i ní 25,000 náírà fún mítà kọ̀ọ̀kan. Èkejì, kí a gbẹ́ kànga tuntun ní ojú kejì tí àwọn tó fi ẹ̀rọ yẹ abẹ́ ilẹ̀ wò fi hàn wá, ní 1,800,000 náírà. Ẹ̀kẹta, kí a gba omi tó wà, kí a sì ra táńkì kékeré. Owó tí a fi pa mọ́ fún ohun àìròtẹ́lẹ̀ jẹ́ 900,000 náírà. Orí àpáta ni ìlú wa wà. Nírú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, inú àpáta tó ti rà lókè àti ibi tí àpáta bá ti là nísàlẹ̀ ni omi máa ń wà, nítorí náà jíjìn nìkan kò mú omi wá. Ṣùgbọ́n ìwádìí abẹ́ ilẹ̀ ti fi hàn pé ó jọ pé àpáta là ní nǹkan bíi mítà 70. Ìdí nìyẹn tí ẹnjiníà fi gbà wá níyànjú pé kí a gbẹ́ ẹ síwájú díẹ̀.

Ohun tí a ṣe, kì í ṣe ohun tí a sọ

Ọ̀gágun Amẹ́ríkà kan tó jẹ́ ẹnjiníà, Henry Martyn Robert, ti rí irú ohun tó ṣe mí yìí rí. Ní ọdún 1863, wọ́n ní kó darí ìpàdé ìjọ kan ní ìlú New Bedford láìjẹ́ pé ó múra sílẹ̀, ìpàdé sì dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí bí ènìyàn ṣe ń ṣèpàdé, ó sì tẹ ìwé òfin ìpàdé jáde ní 1876. Ìlànà tó fi lélẹ̀ níbẹ̀ nípa mínìtì ni pé ohun tí ìpàdé ṣe ni kí akọ̀wé kọ, kì í ṣe ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ. Òfin ilé-iṣẹ́ ti Nàìjíríà náà, èyí tí wọ́n tún ṣe ní 2020, ka mínìtì tí alága bá ti fọwọ́ sí sí ẹ̀rí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìpàdé. Ìgbìmọ̀ àdúgbò kì í ṣe ilé-iṣẹ́, ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan náà ni: ìwé tí yóò di ẹ̀rí kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ìtàn.

Ó ṣe tán, ènìyàn máa ń yí èrò padà láàárín ìjíròrò, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ta ko ọ̀rọ̀ ní agogo mẹ́rin lè fara mọ́ ọn ní agogo márùn-ún. Bí mo bá kọ ohun tó kọ́kọ́ sọ sílẹ̀, mo ti so ó mọ́ ohun tó ti fi sílẹ̀, ìgbà mìíràn kò sì ní fẹ́ la ẹnu rẹ̀ mọ́. Ìdí tí a fi ṣe ìpinnu nìkan ni mo máa ń kọ, ní gbólóhùn méjì tàbí mẹ́ta.

Bí mo ṣe kọ ọ̀rọ̀ kẹrin lọ́jọ́ náà nìyí, mo kọ ọ́ tán pátápátá láìfi ohunkóhun sílẹ̀:

Ọ̀rọ̀ 4: Omi kò tó ní mítà 60.
Ìdí: Lítà 1,100 ni kànga ń mú wá ní wákàtí kan, a nílò 2,000. Ìwádìí fi hàn pé ó jọ pé àpáta là ní nǹkan bíi mítà 70. Owó kànga tuntun ju owó ìpamọ́ wa lọ.
Ìpinnu 4.1: Kí kọngílá gbẹ́ kànga náà síwájú láti mítà 60, kó má kọjá mítà 75. Owó rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju 375,000 náírà lọ, láti inú owó ìpamọ́. Mítà tí wọ́n bá gbẹ́ gan-an nìkan la ó san owó rẹ̀.
Ìpinnu 4.2: Bí omi kò bá tó lítà 2,000 ní wákàtí kan ní mítà 75, kí iṣẹ́ dúró, kí ìgbìmọ̀ tún jókòó.
Ẹni tó dá àbá: akápò. Ẹni tó kín in lẹ́yìn: aṣojú àwọn ìyálọ́jà. Ènìyàn márùn-ún gbà, ẹnì kan kò gbà. Ó fẹ́ kí a lọ sí ojú kejì, ó sì ní kí a kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí Ìpinnu 4.1. Tí mo bá kọ “a gbà kí wọ́n gbẹ́ ẹ síwájú” tí mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìjà ti ọjọ́sí ni mo tún ń gbìn. Ìpinnu tó bá kan owó gbọ́dọ̀ ní òdiwọ̀n: ó tó mélòó, kò gbọ́dọ̀ ju mélòó, inú owó wo ni yóò ti wá. Ìpinnu 4.2 ní tirẹ̀ sọ ohun tí a ó ṣe bí ọ̀rọ̀ kò bá rí bí a ti rò. Ìgbìmọ̀ tí kò bá sọ ibi tí iṣẹ́ yóò ti dúró ti sọ fún kọngílá pé kó máa gbẹ́ ẹ lọ.

Kí alága tó kọjá sí ọ̀rọ̀ karùn-ún, mo ka ìpinnu méjèèjì sókè létí gbogbo wọn. Níbẹ̀ ni aṣojú àwọn ọ̀dọ́ ti rí i pé mo kọ “mítà 15” dípò “mítà 75”, a sì tún un ṣe lójú ẹsẹ̀. Bí mo bá ti gbé e délé, ó ṣeé ṣe kí ó di ọ̀rọ̀ ńlá.

Orúkọ kan, iṣẹ́ kan, ọjọ́ kan

Ìpinnu kì í fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Ẹnì kan ló gbọ́dọ̀ gbé e. Ibí ni ọ̀pọ̀ mínìtì ti ń kùnà: wọ́n kọ ìpinnu dáadáa, lẹ́yìn náà wọ́n kọ ọ́ pé “kí ìgbìmọ̀ rí sí i.” Bí iṣẹ́ bá jẹ́ ti ènìyàn méje, kálukú á máa rò pé ẹnì kejì òun ti ń ṣe é. Nítorí náà, a máa ń fa ìlà sí ìsàlẹ̀ mínìtì, a ó sì kọ iṣẹ́ àyànṣe sí abẹ́ rẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹnì kan ṣoṣo tí yóò dáhùn fún un:

4.1a: Akọ̀wé yóò kọ lẹ́tà sí kọngílá, òdiwọ̀n mítà àti owó yóò wà nínú rẹ̀, kọngílá yóò sì fọwọ́ sí i kí ẹ̀rọ tó ṣiṣẹ́. Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 10 oṣù Kejì.
4.1b: Akápò yóò ya 375,000 náírà sọ́tọ̀. Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 10.
4.1d: Ẹnjiníà yóò dúró ti ìgbẹ́lẹ̀, yóò ka páìpù, yóò wọn omi, yóò sì mú àbọ̀ wá. Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 14.

Ẹ kíyèsí nọ́ńbà wọn. Nọ́ńbà ìpinnu ni iṣẹ́ àyànṣe ń jẹ́, kí ẹni tó bá rí iṣẹ́ lè mọ ìpinnu tó bí i. Ẹ sì kíyèsí pé a kò fún ẹni tí kò sí níjòókòó ní iṣẹ́ kankan. Bí a bá fẹ́ yan iṣẹ́ fún ẹni tí kò wá, ohun tí a ó kọ ni orúkọ ẹni tí yóò lọ bá a sọ ọ́. Ìyẹn ni iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ní tòótọ́.

“Ka páìpù” yẹn ló wá gbà wá. Mítà 3 ni gígùn páìpù ìlulẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí ẹ̀rọ wọn ń lò, nítorí náà láti mítà 60 dé 75 kò ju páìpù márùn-ún lọ. Ẹnikẹ́ni tó bá lè kà dé márùn-ún lè ṣọ́ iṣẹ́ náà. Ẹnjiníà fa igi kan sínú ìwé fún páìpù kọ̀ọ̀kan tó wọlẹ̀, ọ̀gá àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ sì fọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Bí mínìtì ṣe ń bàjẹ́ lẹ́yìn ìpàdé

Mínìtì tí a kọ dáadáa tún lè bàjẹ́ lẹ́yìn ìpàdé. Ohun tó kọ́kọ́ ń bà á jẹ́ ni ìdádúró. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá kọjá kí akọ̀wé tó fi í ránṣẹ́, ohun tí kálukú rántí á ti yàtọ̀ síra. Láàárín ọjọ́ méjì ni mo máa ń fi tiwa ránṣẹ́, nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì wà létí gbogbo wa.

Ohun kejì ni àtúnṣe. Nígbà tí a bá bi ìgbìmọ̀ pé “ṣé mínìtì tọ̀nà?”, ohun tí à ń béèrè ni bóyá ohun tó ṣẹlẹ̀ ni mo kọ. A kò béèrè bóyá ìpinnu náà ṣì wù wọ́n. Ẹni tó bá ti kábàámọ̀ ìpinnu lè mú un padà wá sórí àjẹ́ńdà gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ tuntun, ṣùgbọ́n a kò gbọ́dọ̀ fi bírò pupa yí ohun àná padà.

Ohun kẹta ni “ohun mìíràn”. Àwọn kan máa ń fi ọ̀rọ̀ ńlá pa mọ́ dé ìparí, nígbà tí ó ti rẹ gbogbo ènìyàn. Ní tiwa, a kì í ṣe ìpinnu owó kankan níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó bá yọjú níbẹ̀ yóò wọ àjẹ́ńdà ìpàdé tó ń bọ̀. Wásáàpù náà wà lábẹ́ òfin kan náà. Bí nǹkan pàjáwìrì bá mú wa fẹnu kò níbẹ̀, a ó ka ìpinnu náà jáde ní ìpàdé tó tẹ̀lé e, a ó fún un ní nọ́ńbà, a ó sì kọ ọ́ sínú ìwé. Fóònù máa ń sọ nù, ìwé kì í tètè sọ nù.

Páìpù mẹ́rin

Nígbà tí páìpù kẹta wọlẹ̀, ní mítà 69, omi tó ń tú jáde pọ̀ lójijì. Wọ́n fi páìpù kẹrin kún un, wọ́n dúró ní mítà 72. Wọ́n fa omi láti fi dán an wò, lítà 2,300 ló ń mú wá ní wákàtí kan.

Ní ìpàdé Sátidé, ọjọ́ 22, a dé orí ọ̀rọ̀ kẹta, a bẹ̀rẹ̀ sí í ka iṣẹ́ àyànṣe lọ́kọ̀ọ̀kan. 4.1a parí. 4.1b parí. Nígbà tí a dé 4.1d, ẹnjiníà gbé ìwé tó fi ka páìpù sórí tábìlì. Kọngílá pẹ̀lú wà níbẹ̀, ó mú ìwé owó tirẹ̀ wá: mítà 15, 375,000 náírà.

Kò sẹ́ni tó pariwo. Mo ka Ìpinnu 4.1 sókè, títí dé ibi tó ti sọ pé mítà tí wọ́n bá gbẹ́ gan-an la ó san owó rẹ̀. Alága wá ti ìwé páìpù sí i níwájú, igi mẹ́rin tí ọ̀gá iṣẹ́ tirẹ̀ fọwọ́ sí. Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀. Ó yá bírò lọ́wọ́ mi, ó fa ìlà sórí 15, ó kọ 12, ó sì fa ìlà sórí 375,000, ó kọ 300,000. Akápò kà á, ó fọwọ́ sí i. Mo wo aago: kò tíì pé ìṣẹ́jú mẹ́rin tí a bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, alága sì ti ń pe ọ̀rọ̀ kẹrin.